Ẹ́à Fọ́ọ̀sì Wáànù funfun: ojúlówó àti ayédèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Bàtà méjì, ẹsẹ̀ méjì-méjì, ni mo tò síwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. Gbogbo wọn funfun láti imú dé gìgísẹ̀, orúkọ Náíkì wà lára gbogbo wọn, nọ́ńbà 43 sì ni gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ra ọ̀kan fún mi ní ṣọ́ọ̀bù Náíkì gan-an, rísíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú páálí. Èkejì ni mo fowó ara mi rà ní Èkó, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, oríjínà ni, ẹ wò ó dáadáa." Mo sì wò ó lóòótọ́, àmọ́ mi ò mọ ohun tó yẹ kí n wò. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fi ṣí kúrò lára awọ níwájú bí ẹnu ẹja.

Bàtà tí mò ń sọ ni Ẹ́à Fọ́ọ̀sì Wáànù, irú èyí tí ọrùn rẹ̀ kúrú. Brúùsì Kílígọ̀ọ̀ ló ya àwòrán rẹ̀ fún Náíkì, ó sì jáde ní 1982 fún àwọn tó ń ṣe eré bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀. Òun ni bàtà eré náà àkọ́kọ́ tí Náíkì fi afẹ́fẹ́ sí lábẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tí wọ́n ṣe é fún ló fà á tí abẹ́ rẹ̀ fi rí bó ṣe rí.

Owó rẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Dọ́là 115 ni wọ́n ń ta tuntun rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2024. Tí a bá ṣírò dọ́là kan sí náírà 1,500, náírà 172,500 nìyẹn, láìtíì ka owó tí wọ́n fi gbé e wá àti èrè ẹni tó ń tà á. Náírà 35,000 ni mo san. Ká ní mo ti jókòó ṣe ìṣirò yẹn ni, mi ò bá má yẹ bàtà náà wò rárá. Tókunbọ̀ ojúlówó lè wálẹ̀ dé iye bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú tókunbọ̀ máa hàn lára rẹ̀: imú á ti kájọ níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, abẹ́ á sì ti jẹ. Tuntun tó ń dán, tó wà nínú páálí, ní ìdá márùn-ún owó rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ yọ owó.

Lẹ́yìn ahọ́n bàtà

Ibi tó yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù nìyí. Ẹ fa ahọ́n bàtà síwájú kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àkọlé kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sọ irú bàtà, nọ́ńbà ẹsẹ̀, ìlú tí wọ́n ti rán an àti déètì. Èyí ni ohun tí mo kà lára méjèèjì:

| Ohun tó wà lára àkọlé | Ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù | Ti Èkó |
|---|---|---|
| Nọ́ńbà irú bàtà | CW2288-111 | CW2288-001 |
| US | 9.5 | 9.5 |
| UK | 8.5 | 8 |
| EUR | 43 | 43 |
| CM | 27.5 | 27 |

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà irú bàtà. Ohun tó ṣáájú ìlà kékeré tó wà láàárín ń sọ irú bàtà tó jẹ́, nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sì ń sọ àwọ̀ rẹ̀. Nínú mẹ́ta yẹn, èyí àkọ́kọ́ ló ń tọ́ka sí àwọ̀ tó pọ̀ jù lára bàtà: 1 ni funfun, 0 ni dúdú tàbí eérú, 4 ni búlúù, 6 ni pupa. Bàtà tí mo rà ní Èkó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, àmọ́ 001 ni wọ́n kọ sí i. Nígbà tí mo tẹ CW2288-001 sórí fóònù, Ẹ́à Fọ́ọ̀sì dúdú kirikiri ló jáde. Ẹni tó rán an kàn mú àkọlé bàtà dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti funfun. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi mọ̀ ọ́n, owó sì ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ wá wo nọ́ńbà ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, EUR nìkan la máa ń wò, torí òun la fi ń béèrè bàtà lọ́jà, àwọn tó ń ṣe ayédèrú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn nọ́ńbà yòókù ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe. Fún bàtà ọkùnrin ti Náíkì, láti US 7 lọ sí 12, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú US, UK ló máa jáde. Ẹ fi 18 kún US, CM ló máa jáde. US 9.5 máa fún wa ní UK 8.5 àti 27.5, bó ṣe wà lára ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́. Ti Èkó kò bá ìkankan mu. Tí ẹ bá ń ra 44, US 10, UK 9 àti 28 ló yẹ kí ẹ rí. Tó bá jẹ́ 41, US 8, UK 7 àti 26 ni.

Déètì náà ní ohun tó ń sọ. Nǹkan bí 2020 ni nọ́ńbà CW2288 bẹ̀rẹ̀. 315122-111 ni wọ́n ń kọ sára ti funfun ṣáájú ìgbà yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí tókunbọ̀ tó ní 315122, ẹ má tìtorí ìyẹn sá. Àmọ́ CW2288 tí déètì rẹ̀ jẹ́ 2015 kò lè jẹ́ òótọ́. Ẹ gbé àkọlé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti òsì àti ti páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: irú bàtà àti nọ́ńbà ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àkọlé tó tọ̀nà kò wá sọ bàtà di ojúlówó o. Ẹni tó bá ní ojúlówó kan lọ́wọ́ lè da àkọlé rẹ̀ kọ sára ẹgbẹ̀rún ayédèrú. Èyí tó bá kùnà níbí ti kùnà pátápátá. Èyí tó bá yege, ẹ ṣì máa yẹ ara rẹ̀ wò.

Imú rẹ̀

Ẹ gbé bàtà náà sílẹ̀ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú yín wà ní ìwọ̀n gíga kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Imú ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ibi okùn títí dé iwájú. Ti Èkó wú sókè bí ẹni tí eyín ń dùn, iwájú rẹ̀ ga bákan náà títí ó fi já wálẹ̀ lójijì. Àwọn ihò kéékèèké tó wà lórí imú náà, ẹ fi iná fóònù sínú bàtà kí ẹ wò wọ́n láti òkè: lára ojúlówó, ìmọ́lẹ̀ á yọ, torí wọ́n lu wọ́n já. Lára tèmi, ihò mélòó kan kàn jẹ́ ojú tí wọ́n tẹ̀ sínú awọ, kò já rárá.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà díẹ̀ níbẹ̀. Ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe ìwúnjọ wẹ́wẹ́, ó sì padà sípò. Ti Èkó dá ìlà kan ṣoṣo tó nípọn bí ọ̀rá tí a ká.

Àtẹ́lẹ̀ àti okùn tó rán an

Ohun tó ba bàtà mi jẹ́ nìyí. Gọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ló di àtẹ́lẹ̀ Ẹ́à Fọ́ọ̀sì mú. Wọ́n tún fi okùn rán an yípo mọ́ awọ, ẹ sì máa rí ojú ìránṣọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ́lẹ̀, nínú ìlà tóóró kan. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ. Okùn gidi máa kọ́ èékánná yín, ẹ máa mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé àti ibi tó jáde. Lára ti Èkó, rọ́bà tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù tẹ̀ kó lè jọ okùn ni mo bá níbẹ̀, èékánná mi kàn yọ̀ kọjá. Kò sí okùn kankan. Gọ́ọ̀mù nìkan ló dì í mú, òjò méjì sì ti tó fún gọ́ọ̀mù yẹn.

Ẹ wá yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Wọ́n ya òbìrí kan sínú òmíràn sí iwájú àti gìgísẹ̀, torí ẹni tó ń ṣe eré bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ máa ń yí bírí lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké sì wà ní ṣóńṣó imú àti ní gìgísẹ̀. Lára ojúlówó, òbìrí yẹn mú rekete. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní igun tó dá yàtọ̀. Lára ti Èkó, àwọn ìràwọ̀ náà ti di tóótòòtó.

Ohun méjì kan ṣì wà tí kò gba àkókò. Irin kékeré tó wà nísàlẹ̀ okùn bàtà ní AF-1 '82 lára, ó yẹ kí ó mú, kí ó tutù lọ́wọ́ bí irin. Tèmi jẹ́ ike tí wọ́n kun. Lẹ́yìn gìgísẹ̀, ẹ ka NIKE AIR tí wọ́n fi òwú kọ: tí òwú bá ń fà láti lẹ́tà kan bọ́ sí òmíràn, ẹni tó rán an ń kánjú.

Ohun tí kò yẹ kó tàn yín

Àwọn ọlọ́jà máa ń ní kí ẹ fi ọwọ́ tẹ inú gìgísẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Inú fóòmù ni wọ́n fi afẹ́fẹ́ bàtà yìí pa mọ́ sí, àtàǹpàkò kò lè fi í mọ ojúlówó yàtọ̀ sí fóòmù tó rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó bá ní Ṣáínà tó wà lára àkọlé fi hàn pé ayédèrú ni. Wọ́n ń rán ojúlówó ní Ṣáínà, ní Fiẹtináàmù, ní Indonéṣíà. Páálí tó dára kò sì ju páálí lọ.

Àwọn ayédèrú kan wà tó dára débi pé ohun tí mo sọ yìí kò ní tó láti fi dá wọn mọ̀. Wọ́n ń rán wọn mọ́ àtẹ́lẹ̀ dáadáa, àkọlé wọn sì pé. Owó irú wọn kì í wálẹ̀ gan-an, nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ san iye tó sún mọ́ ti ojúlówó, kí ó jẹ́ fún ẹni tó lè fún yín ní rísíìtì tó sì lè gbà á padà.

Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń rà á

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn rí ọ̀kan lórí Wọ́sáàpù, "tuntun, oríjínà", náírà 90,000. Mo ní kó béèrè àwòrán mẹ́rin: ẹ̀yìn ahọ́n, ẹ̀gbẹ́ imú, ìránṣọ àtẹ́lẹ̀ láti ìtòsí, àti abẹ́ bàtà, pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ déètì ọjọ́ náà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má bàa fi àwòrán ẹlòmíràn ránṣẹ́. Àwòrán mẹ́ta wá. Àkọlé pé, imú dára. Ti ìránṣọ ni kò wá. Àbúrò mi béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹni náà dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn san owó, ẹ máa rí i tó bá dé." Nígbà tí àwòrán yẹn máa fi dé lọ́jọ́ kejì, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù: rọ́bà tí wọ́n tẹ̀ ni, ó dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan.

Àbúrò mi kò rà á. Tókunbọ̀ kan tí imú rẹ̀ ti kájọ díẹ̀ ló padà rà ní náírà 60,000, lójúkojú. Ó fi èékánná wọ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ yípo kó tó yọ owó, okùn sì kọ́ ọ títí tó fi yí i ká.