Irin tó wúwo sí i, iye ìgbà tó pọ̀ sí i, àbí ìfàlẹ̀: èwo ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mú?

Ẹni tó ti ra dọ́ḿbẹ̀lì 5 kílò méjì, tó ti lò wọ́n fún bí oṣù kan, tó sì rí i pé wọ́n ti ń fúyẹ́ lọ́wọ́ òun, ni mo kọ èyí fún. Ó ti ń ronú àtira òmíràn. Kó tó kó owó jáde, kó mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí iṣan fi lè rí iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ó lè gbé irin tó wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó lè gbé irin kan náà ní ìgbà púpọ̀ sí i. Ó sì lè fà á falẹ̀, kó máa sọ irin náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kó jẹ́ kó já wálẹ̀. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan gbowó lọ́wọ́ mi, ọ̀kan sì gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi láìfún mi ní nǹkan kan.

Ohun tó gbowó lọ́wọ́ mi ni bí irin kan ṣe jìnnà sí èyí tó tẹ̀ lé e. Dọ́ḿbẹ̀lì tí wọ́n rọ pọ̀, tí kò ṣeé tú, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ń ti 5 kílò sókè orí ní ìgbà 12, ni mo bá padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, “Bọ̀dá, 10 ló kàn. Ẹ ti kúrò ní ti ọmọdé.” Mo sanwó. Kílò ni wọ́n fi ń ta irin, nítorí náà ìlọ́po méjì owó àkọ́kọ́ ni mo san. Nígbà tí mo délé, mi ò lè ti 10 kílò yẹn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì tẹ orúnkún kí n fi ẹsẹ̀ gbà á sókè. Ní ọjọ́ kẹta, mo fi agídí gbé e, ẹ̀yìn mi tẹ̀ bí ọrun, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sì ń dùn mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irin méjèèjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ pípẹ́.

Ìṣirò tí ì bá gbà mí ò le rárá. Irin tí ènìyàn lè gbé ní ìgbà 12, tí kò sì lè ṣe ìkẹtàlá, sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 70 nínú 100 èyí tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan péré. Bí 5 kílò bá jẹ́ 70, 100 á jẹ́ kílò 7 àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo agbára èjìká mi lọ́jọ́ yẹn kò ju 7 kílò àti díẹ̀ lọ lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì lọ ra 10.

Ìtàn àtijọ́ kan wà nípa Mílò, ajàkadì ará Gíríìsì tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 2500 sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Mílò tí a ń mu láàárọ̀. Wọ́n ní ó ń gbé ọmọ màlúù kan kọ́rùn lójoojúmọ́, títí ọmọ màlúù náà fi di akọ màlúù, tó sì ṣì ń gbé e. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò nínú ìtàn yẹn ni pé ọmọ màlúù kì í fi ìlàjì ara rẹ̀ sanra láàárín òru ọjọ́ kan. Irin tí wọ́n ń tà fún wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 5 sí 10, ìlọ́po méjì ni. Láti 10 sí 12.5, ìdámẹ́rin ló fi kún un. Èjìká àti apá, tí iṣan wọn kéré, kì í lè bá irú ìfò bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ẹsẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá gbá dọ́ḿbẹ̀lì kan mọ́ àyà, tí ẹ wá ń lóṣòó tí ẹ ń dìde, ara yín fúnra rẹ̀ wà lára ẹrù. Ẹni tó wọn 70 kílò tó fi 5 kílò kún un kò fi nǹkan púpọ̀ kún ohun tí itan rẹ̀ ń gbé. Níbẹ̀, kí ẹ fi irin kún irin láìpẹ́, kò burú. Báàbẹ̀lì jíìmù náà rí bẹ́ẹ̀: àwo tó kéré jù lọ sábà máa ń jẹ́ 1.25 kílò, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 2.5. Lórí 60 kílò tí ènìyàn ń fi lóṣòó, nǹkan bí 4 nínú 100 ni. Lórí ọ̀pá 20 kílò lásán tí ẹ ń tì sókè orí, ó ti lé ní 12 nínú 100. Àwo kan náà ni, ibi tó bọ́ sí lára ló yàtọ̀.

Fífi ìgbà kún ìgbà kò ní ìfò yìí. Láti 8 sí 9, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú àlà méjì, 8 nísàlẹ̀ àti 12 lókè. Ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kí ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Ẹ dúró nígbà tó bá kù bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ ṣì lè ṣe. Ẹ ó mọ̀ ọ́n, nítorí irin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ́wọ́ yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ipá lẹ fi ń tì í. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé 12 ni ẹ tó fi irin díẹ̀ kún un, ẹ ó sì padà sí 8.

Àbúrò mi obìnrin ni mo fi èyí kọ́, kó má baà ṣe irú àṣìṣe mi. Dọ́ḿbẹ̀lì tó ṣeé tú la rà fún un: ọ̀pá kúkúrú tí à ń ki àwo irin bọ̀, tí àwọn àwo 0.5 kílò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó gbé 5 kílò ní ìgbà 8, 8, 6. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó di 10, 9, 8. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ó di 12, 12, 11, ó sì pè mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n ki àwo bọ̀ báyìí?” Mo ní kó dúró de ìgbà kan tó kù yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó pé. Ó fi àwo 0.5 kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, irin di 6 kílò, ó sì ṣe 9, 8, 8. Ẹ wo ibi tí 8 tó ń já sí 6 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti lọ: kò tún já mọ́, irin sì ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àṣìṣe tó wà nínú ọ̀nà yìí ni pé iye lè máa pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń kéré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo wo àbúrò mi, mo rí i pé irin kò bọ̀ sílẹ̀ dé ibi etí mọ́, àárín ọ̀nà ló ti ń yí i padà. 11 tó kọ sínú ìwé, ìlàjì 11 ni. A fi fóònù ká a láti ẹ̀gbẹ́, òun fúnra rẹ̀ rí i, iye rẹ̀ sì padà sí 9. Ìgbà tí irin bá bọ̀ dé ibi tó ti máa ń bọ̀ dé nìkan ni kí ẹ kà. Ọ̀nà náà sì ní òpin. Bí ìgbà bá ti ń lọ sí 25 tàbí 30, mímí àti iná tó ń jó nínú iṣan ló máa dá yín dúró. Iṣan ṣì lè máa tóbi níbẹ̀ bí ẹ bá ṣe é dé ibi tó ti fẹ́ẹ̀ sú u, àmọ́ agbára àtigbé ohun tó wúwo kì í dàgbà dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ìfàlẹ̀ ló gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí irin 10 lé mi padà, mo ní kí n máa sọ 5 kílò kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ó le, ara sì ń ro mí gan-an lọ́jọ́ kejì, nítorí sísọ irin kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fa ìrora ọjọ́ kejì jù lọ. Mo rò pé ìrora yẹn ni ẹ̀rí pé mò ń tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mo wá gbé aago fóònù síwájú, mo rí i pé “márùn-ún” tí mò ń kà lẹ́nu jẹ́ márùn-ún ní ìgbà kejì, ó sì ti di mẹ́ta nígbà tí mo fi dé ìkẹjọ. Bó ṣe ń rẹ̀ mí ni mò ń yára kà á. Kílò wà lára irin, ìgbà wà lórí ìka, ṣùgbọ́n ìfàlẹ̀ kò ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n àfi ẹnu ẹni tó ti rẹ̀. Oṣù méjì nìyẹn, mi ò sì lè sọ bóyá mo lágbára sí i. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹ bá ṣe ń fà á falẹ̀ tó ni iye ìgbà tí ẹ lè ṣe á máa dín kù. Ohun tí ẹ fi ọwọ́ kan gbà, ẹ ti fi òmíràn dá a padà.

Ó ní ibi tó wúlò o. Ẹni tí kò tíì lè fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè máa sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ láti òkè fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, kó fi orúnkún gbáralẹ̀ dìde, kó tún ṣe é. Ó sì dára fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ ọ̀nà tí irin ń gbà lọ.

Ní ti àyè ilé, ọ̀pá tó ṣeé tú gba àyè kan ṣoṣo. Ní ti ariwo, ìfàlẹ̀ ló ṣe jẹ́jẹ́ jù.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣiṣẹ́, ẹni kọ̀ọ̀kan á sì mọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ èmi, ìgbà ni màá kọ́kọ́ fi kún un fún ohun gbogbo tó kan èjìká àti apá, màá fi irin tẹ̀ lé e nígbà tí sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé 12, màá sì yára fi irin kún ti ẹsẹ̀. Bí owó àwo kò bá tíì sí, ẹ kó pyọ́-wọ́tà sínú àpò ẹ̀yìn kí ẹ fi lóṣòó: ọ̀rá kan tó ní 50 sẹ̀ǹtílítà omi jẹ́ nǹkan bí ìlàjì kílò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ lè máa fi ọ̀kan kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta irin, ẹ má bèèrè èyí tó wúwo jù. Ẹ bèèrè àwo tó kéré jù. Bó bá ní 0.5, ẹ rà á, mẹ́rin ló máa tó yín fún ọ̀pá méjì. Bó bá jẹ́ 1.25 ló kéré jù lọ́wọ́ rẹ̀, irin yín á fò láti 5 sí 7.5 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ má ki àwo bọ̀ ní 12. Ẹ máa gbé 5 kílò yẹn lọ títí yóò fi sún mọ́ 25 kí ẹ tó kan 7.5.