Háádì Dísìkì àbí Ẹ́sẹ́sídì: Kí Ẹ Tó Ra Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ n'Ílọrin

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Ṣálẹ́ǹjì tàbí ní Tanke, ẹ lè bá méjì tí orúkọ wọn àti ọdún wọn jọra lórí tábìlì kan náà. Wọ́n kọ 500GB HDD sára ọ̀kan, wọ́n kọ 256GB SSD sára èkejì, owó wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹni tó bá ń wo nọ́ńbà nìkan á gbé èyí tó ní 500, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì ẹrù. Ní tèmi, fún iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe, 256 yẹn ni kí ẹ gbé. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà kò ní rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

HDD tó wà lára àkọ́kọ́ ni háádì dísìkì tí gbogbo wa mọ̀. Àwo róbótó kan tàbí méjì ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, tí apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ láti kà á. Apá yìí kì í kan àwo. Atẹ́gùn tí yíyí àwo ń fẹ́ ló gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù ń yí nígbà 5400 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ́sẹ́sídì, tí ẹ máa rí gẹ́gẹ́ bíi SSD, kò ní ohun tó ń yí rárá. Inú ṣíìpù ló ń kó nǹkan pa mọ́ sí, irú ṣíìpù tó wà nínú fláàṣì, àmọ́ ó yára ju fláàṣì lọ fíìfíì.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti ń dun èèyàn kì í ṣe ibi tí àwọn ontàjà sábà máa ń tọ́ka sí. Wọ́n á ní ẹ́sẹ́sídì lè ka fíìmù ní 500 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí háádì ń ka nǹkan bíi 100. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ lẹ ń kọ́pì fíìmù? Iṣẹ́ tí láptọ́ọ̀pù ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni pé ó ń ka ègé kéékèèké tó fọ́n káàkiri. Bó bá ń tan, bí ẹ bá ṣí Word, bí ẹ bá ṣí Chrome, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé báyìí ló máa kà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1000. Apá háádì máa ń lo nǹkan bíi 12 nínú rẹ̀ láti rìn dé ìlà tí ègé kan wà, yóò sì tún dúró fún bíi 6 kí àwo tó yí ègé náà dé abẹ́ rẹ̀. Ó di 18. Bí ègé 10,000 bá wà láti kà, tí wọn ò sì tò síra wọn, ìṣẹ́jú 3 gbáko nìyẹn. Ẹ́sẹ́sídì ò ní apá tó ń rìn, kò sì dúró de àwo. Ègé 10,000 kan náà lè gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Lóòótọ́, Windows máa ń gbìyànjú láti to àwọn ègé náà kí ìrìn apá lè dín kù, nítorí náà kì í burú tó báyìí nígbà gbogbo. Àmọ́ òun ló fà á tí láptọ́ọ̀pù oníháádì fi ń lo ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kó tó tan, tó bá sì tan, tí kò tíì ṣeé lò dáadáa, nígbà tí ti ẹ́sẹ́sídì ń tan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Òmù-Àrán pè mí lórí fóònù pé, "Àbúrò mi, fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà mi o, kí n tó ṣí èsì ìdánwò kan, omi á ti hó lórí iná." Mo ní kí wọ́n tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí wọ́n sì ka ohun tó wà lábẹ́ Disk fún mi. Wọ́n ní 100% ni, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Windows ń gba àtúnṣe tuntun sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì náà ń yẹ fáìlì wò, àwọn méjèèjì sì ń fa apá kan ṣoṣo síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyà tí oníháádì ń jẹ lójoojúmọ́ nìyẹn, ó sì ń burú sí i bí Windows bá jẹ́ tuntun.

Bí bátìrì tòkunbọ̀ yín ò bá gbéṣẹ́, tí iná bá lọ, láptọ́ọ̀pù á kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ́sẹ́sídì á jẹ́ kí ẹ tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí iná bá dé tàbí tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀. Kò ní gba fáìlì tí ẹ ò tíì tọ́jú sílẹ̀ o. Èyí táà ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ lè bàjẹ́ lórí méjèèjì. Ní ti kí bátìrì pẹ́, ẹ má retí púpọ̀. Háádì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 2 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ́sẹ́sídì kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀ bó bá sinmi, àmọ́ ojú láptọ́ọ̀pù àti ọpọlọ rẹ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ́sẹ́sídì ò sì lè mú kí dátà yín yára.

Ọ̀rọ̀ gbígbé kiri ṣe pàtàkì fún wa níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gun ọ̀kadà láti Tanke, tàbí ẹni tó wọ mọ́tò gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀fà, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ á gbọ̀n rìrì nínú báàgì. Bó bá ti kú pátápátá, háádì á ti gbé apá rẹ̀ kúrò lórí àwo, kò sì fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ewu ibẹ̀ ni kí ẹ pa á dé kí ẹ sì jù ú sínú báàgì nígbà tí àwo ṣì ń yí. Bí orí apá bá gbá àwo, ibi tó gbá ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ oníháádì lẹ ní, ẹ dúró títí iná ara rẹ̀ á fi kú kí ẹ tó gbé e. Ìgbọ̀nrìrì yìí kì í ṣe ẹ́sẹ́sídì ní nǹkan kan.

Àmọ́ ibì kan wà tí háádì ti dára ju ẹ́sẹ́sídì lọ, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Háádì sábà máa ń ṣàìsàn kó tó kú. Ẹ á gbọ́ tí ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, fóòdà kan á máa falẹ̀ kó tó ṣí, ẹ á sì rí àyè kó ẹrù yín jáde. Ẹ́sẹ́sídì lè ṣiṣẹ́ lálẹ́ kí láptọ́ọ̀pù má rí i mọ́ láàárọ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí háádì, tí ẹ ò sì kọ nǹkan míì lé e, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè rí i gbà padà. Lórí ẹ́sẹ́sídì, Windows á sọ fún un pé ibẹ̀ ti ṣófo, á sì nù ún kúrò, ó tán. Nítorí náà, ẹni tó bá ra ẹ́sẹ́sídì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ níbòmíràn. Ní ti ìbẹ̀rù pé kíkọ nǹkan sí i máa ń jẹ ẹ́ tán, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ 80 TBW sí i, ìyẹn ni pé ẹ lè kọ àpapọ̀ 80 tẹrabáìtì sí i, tí ẹ sì ń kọ 20 gígábáìtì sí i lójoojúmọ́, ọjọ́ 4000 ló máa gbà kí ẹ tó dé ibẹ̀, ìyẹn sì lé ní ọdún 10.

Àyè wo ló tó yín?

256 á hàn lójú Windows bíi 238 GB, 500 á sì hàn bíi 465 GB. Kì í ṣe jìbìtì, ọ̀nà ìṣírò wọn ni kò dọ́gba. Fún ẹ̀gbọ́n mi olùkọ́ yẹn, Windows gba nǹkan bíi 35, àwọn sọ́fítíwíà gba 10, ìwé àti èsì ìdánwò ò tó 5, àwòrán àti fídíò ẹbí sì gba 45. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 95, àyè tó ṣẹ́ kù sì lé ní 140.

Ti ẹni tó ń ya fídíò ìnáwó kò rí bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tó ń kọ mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì kan, á kọ nǹkan bíi 22 gígábáìtì ní wákàtí kan. Bó bá lo kámẹ́rà méjì fún wákàtí mẹ́rin níbi níkàá tàbí wọ́límọ̀ kan, 180 ló máa kó wálé. Ẹ́sẹ́sídì 256 ò lè gba ẹyọ kan dáadáa pẹ̀lú Windows, torí ó tún yẹ kí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ṣófo kó má bàa falẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ẹ́sẹ́sídì 512 nínú láptọ́ọ̀pù fún gígé fídíò, kó sì ní háádì 1 tẹrabáìtì lóde tí á máa kó iṣẹ́ tó ti parí sí. Márùn-ún irú ìnáwó yẹn ló máa gbà.

Nínú ṣọ́ọ̀bù

Ẹ má gba ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ láti ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ wo abẹ́ Disk 0, ẹ máa rí SSD tàbí HDD. Bí kò bá hàn níbẹ̀, ẹ ṣí PowerShell kí ẹ sì kọ èyí:

```
Get-PhysicalDisk | Select-Object FriendlyName, MediaType, Size
```

Ẹ sọ́ra fún láptọ́ọ̀pù kékeré tó jẹ́ pé ṣíìpù 32 tàbí 64 GB tí wọ́n ń pè ní eMMC ló ń kó nǹkan pa mọ́ sí. Wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ni, ẹ ò lè yọ ọ́ pààrọ̀, kò sì yára tó ẹ́sẹ́sídì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tẹ Restart, kì í ṣe Shut down. Windows sábà máa ń tọ́jú apá kan ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á, kó lè tètè jí, nítorí náà títan lẹ́yìn Shut down lè ṣi yín lọ́nà. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé CrystalDiskInfo, sọ́fítíwíà tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, lọ lórí fláàṣì, kí ẹ sì ṣí i. Bó bá jẹ́ háádì, ẹ wo Reallocated Sectors Count àti Current Pending Sector Count, ìyẹn iye ibi tó ti bàjẹ́ àti èyí tó jọ pé ó ń bàjẹ́ lórí àwo. Bí èyíkéyìí nínú wọn kò bá jẹ́ òdo lábẹ́ Raw Values, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bó bá jẹ́ ẹ́sẹ́sídì, ìdá ọgọ́rùn-ún tó wà lábẹ́ Health Status ni kí ẹ wò. Èmi kì í ra èyí tó bá ti wà nísàlẹ̀ 80%.

Bó bá jẹ́ pé oníháádì nìkan ni owó yín ká, tàbí òun lẹ ti ní nílé, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ́sẹ́sídì SATA oní-íǹṣì 2.5 máa ń wọ ojú ihò háádì kan náà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ní ihò M.2, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ki ẹ́sẹ́sídì pẹlẹbẹ bọ̀, ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é bóyá irú ẹ́sẹ́sídì tó ń jẹ́ SATA tàbí èyí tó ń jẹ́ NVMe ló ń gbà kí ẹ tó sanwó. NVMe yára jù lórí ìwé, àmọ́ fún Word àti Chrome, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n da gbogbo ohun tó wà lórí háádì kọ ẹ́sẹ́sídì, kí ẹ gba háádì náà padà, kí ẹ sì ra kéèsì USB fún un. Ẹ má nu ohun tó wà lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí gbogbo fóòdà yín lórí ẹ́sẹ́sídì tuntun, kí ẹ sì rí i pé wọ́n pé.