6308 tàbí NU 308? Ohun tí ojú mi rí lórí ṣáàfùtù gíábọ́ọ̀sì ẹ̀rọ àdín mi

Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bíárìn kan náà bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú gíábọ́ọ̀sì ẹ̀rọ tí mo fi ń fún àdín ní Òkìtìpupa. Kì í pé oṣù márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ojú kan náà ló sì máa ń jẹ́, lápá ibi tí ṣáàfùtù ti yọ orí síta, tí jíà ṣéènì wà lórí rẹ̀. Ìkejì rẹ̀ tó wà lápá òdìkejì kò ní àrùn kankan. Bíárìn oníbọ́ọ̀lù 6308 ni méjèèjì. Nígbà tí mo wá fi onírólà NU 308 sí apá ṣéènì, ó ti lé ní ọdún méjì báyìí tí kò tíì yọ mí lẹ́nu. Mo kọ èyí fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jọ tèmi, kó má baà náwó mẹ́ta sórí ohun tí ọ̀kan ì bá ṣe.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Mọ́tọ̀ iná 22 kW, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní 30 họ́ọ̀sì, ló ń yí gíábọ́ọ̀sì. Ṣáàfùtù tó jáde níbẹ̀ ń yí ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú kan, jíà ṣéènì orí rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 láti etí dé etí. Ibi tí bíárìn jókòó sí lára ṣáàfùtù jẹ́ mílímítà 40, ihò ilé rẹ̀ jẹ́ 90, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 23. Ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni 6308 ní, òun náà gan-an ni NU 308 ní. Ìdí nìyí tí mo fi lè yí i padà láìjẹ́ pé tọ́nà fi ọ̀bẹ kan ilé gíábọ́ọ̀sì rárá.

Nígbà àkọ́kọ́ àti ìkejì, a kàn ju èyí tó bàjẹ́ nù ni. Mẹkáníìkì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo sì gbà á gbọ́, mo tún lọ ra òmíràn ní Ladípọ̀ lówó tó ga jù. Ìgbà kẹta ni mo gbé e lọ fún bàbá tọ́nà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Bàbá fi ẹ̀rọ ìgéríìn la òrùka òde sí méjì, wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e síta sínú oòrùn, wọ́n ní kí n wò ó.

Gbogbo ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà ló ń dán, àfi ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń fà sí. Níbẹ̀, irin ti ṣí bí ọ̀dà ògiri tí omi wọ̀, gígùn rẹ̀ tó hóró àgbàdo mẹ́ta tí a tò tẹ̀lé ara wọn, etí rẹ̀ ń họ ọwọ́. Òrùka inú ní tirẹ̀ ti ṣí káàkiri, kò yan ibì kankan sí. Mo bi bàbá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fà á tí méjèèjì kò fi bàjẹ́ bákan náà?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, òrùka òde kì í yí. Ibi kan náà ni ṣéènì ń fi ẹrù tẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó wà lára ṣáàfùtù ń yí, gbogbo ara rẹ̀ ló ń jẹ nínú ìyà náà.”

Wọ́n tún ṣàlàyé pé ká ní ìdọ̀tí ló pa á ni, a óò rí ojú kéékèèké bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Ká ní ọ́ìlì ló gbẹ, irin náà ì bá ti dà bí búlúù tàbí bí ṣúgà tó jóná. A kò rí ọ̀kankan nínú ìyẹn. Ẹrù ló pọ̀ jù fún un. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí wọ́n da bíárìn tó bàjẹ́ nù kí n tó wo inú rẹ̀.

Mo jókòó mo ṣírò ẹrù náà. Pẹ̀lú agbára mọ́tọ̀ àti ìyára yẹn, ṣéènì ń fa jíà náà pẹ̀lú agbára tó tó kílò 700. Ṣùgbọ́n jíà náà kò sí láàárín bíárìn méjèèjì, ìta ló so rọ̀ sí. Bíárìn méjèèjì jìnnà síra wọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, jíà sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí èyí tó sún mọ́ ọn. Bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọ̀pá ṣí òkúta ni: èyí tó sún mọ́ ṣéènì ń ru kílò 1,050, èyí tó jìnnà ń ru 350 péré, lódìkejì. Mo fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e fún títì tí jíà inú ń ti ara wọn àti ìkọlù òjijì tó máa ń wà nígbà tí èkùrọ́ líle bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di 1,400 fún ti apá ṣéènì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 470 fún ìkejì.

Nínú ìwé àwọn tó ń ṣe bíárìn, nọ́ḿbà kan wà tí wọ́n ń pè ní C, ìyẹn ẹrù tí bíárìn lè rù títí yóò fi yí ní ìgbà mílíọ̀nù kan. Ti 6308 tó bíi kílò 4,200, ti NU 308 sì tó bíi 9,300. Ìyàtọ̀ náà wá láti inú bí wọ́n ṣe ń fara kan irin: bọ́ọ̀lù ń tẹ ojú ọ̀nà rẹ̀ ní ojú kan bíńtín, rólà ń fi gbogbo gígùn rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹrù kan náà pín káàkiri ibi tó fẹ̀ jù. P ni ẹrù tó wà lórí bíárìn. Ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí wà fún bọ́ọ̀lù, ìkejì fún rólà, iye mílíọ̀nù ìgbà tí yóò yí ló sì ń sọ.

```
L10 = (C/P)^3       : (4200/1400)^3      = 27
L10 = (C/P)^(10/3)  : (9300/1400)^(10/3) = 550
```

Ṣáàfùtù mi ń yí ìgbà 24,000 ní wákàtí kan. Mílíọ̀nù 27 yẹn kò ju wákàtí 1,125 lọ. Wákàtí 10 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ìyẹn jẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún tàbí kó dín díẹ̀. Ti rólà ń lọ sí wákàtí 23,000, ìyẹn ju ọdún méje lọ. Nígbà tí mo rí i, inú mi bàjẹ́ fún owó tí mo ti ná.

Ohun kan ṣì wà níbẹ̀ o. Ìṣirò yìí ń sọ pé nínú bíárìn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló yẹ kó kọjá iye wákàtí náà. Tèmi ń kú sí àyíká rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó wá túmọ̀ sí pé ẹrù gidi tilẹ̀ ju 1,400 lọ. Mo yẹ ṣéènì wò, mo rí i pé àwọn ọmọṣẹ́ ti fà á le bí okùn gìtá. Mo dẹ̀ ẹ́ títí apá ìsàlẹ̀ fi ń mì díẹ̀. Ìyẹn ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ṣéènì tó dẹ̀, 6308 ṣì kéré fún ibẹ̀.

Àṣìṣe tí a ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Bí mo ṣe gbọ́ pé rólà lágbára, mo ra NU 308 méjì, mo ní kí mẹkáníìkì fi sí apá méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, mo ń gbọ́ irin tó ń ha irin. A ṣí i, a sì rí i pé jíà ńlá inú ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ họ ògiri gíábọ́ọ̀sì. Eyín jíà náà gé dagun ni, irú bẹ́ẹ̀ sì máa ń ti ṣáàfùtù sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń ṣiṣẹ́. NU kò lè dá a dúró: òrùka òde rẹ̀ ní etí méjì tó di rólà mú, ṣùgbọ́n òrùka inú rẹ̀ tẹ́jú pátápátá, ṣáàfùtù sì lè rìn wọlé rìn jáde nínú rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Nítorí náà, rólà lápá ṣéènì, bọ́ọ̀lù lápá òdìkejì. Bọ́ọ̀lù ni yóò di ṣáàfùtù mú kó má rìn, rólà ni yóò ru ẹrù, tí irin bá sì gbóná tó gùn síi, NU yóò fún un láyè. Kò sí ìdí láti bẹ̀rù fún 6308 tó kù: pẹ̀lú kílò 470, ìṣirò rẹ̀ lé ní wákàtí 29,000. Títì ẹ̀gbẹ́ jíà yóò dín in kù, síbẹ̀ ó ṣì tó fún mi. Nínú gíábọ́ọ̀sì mi, ìdérí apá bọ́ọ̀lù ti há òrùka òde rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Tí tiyín bá fi í sílẹ̀ kó máa rìn, ẹ ní kí tọ́nà ṣe òrùka tí yóò há a kí ẹ tó tì í, kí òrùka méjèèjì NU náà sì wà ní dídè sí àyè wọn.

Fífi NU sí i gba sùúrù. Òrùka inú rẹ̀ ń yọ lọ́tọ̀. A gbé e sínú ọ́ìlì tó gbóná tó bíi 100°C, ó sì yọ́ wọ ara ṣáàfùtù láìlo òòlù. Iná táàràtà lórí rẹ̀ máa ń ba líle irin jẹ́. Òrùka òde àti rólà lọ sínú ilé. Nígbà tí a fẹ́ kó wọn pọ̀, a fi ọ́ìlì pa á, a sì ń yí ṣáàfùtù jẹ́jẹ́ bí a ṣe ń tì í wọlé. Ẹni tó bá gbá a wọlé yóò fi etí rólà ya ìlà gbọọrọ sára òrùka inú, ojú ìlà yẹn ni irin yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Èmi kò ní sọ pé kí gbogbo ènìyàn sáré lọ ra rólà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ san ìlọ́po méjì ààbọ̀ owó 6308 fún un. Bí ṣáàfùtù bá tẹ̀, tàbí ihò ilé méjèèjì kò bá wà lójú kan, rólà kò lè fara dà á, nítorí orí kan rẹ̀ ni yóò máa ru gbogbo ẹrù. Ẹ óò rí i tí ojú ọ̀nà rẹ̀ dán ní etí kan ṣoṣo. A kọ́kọ́ gbé ṣáàfùtù mi sórí ẹ̀rọ tọ́nà ká tó ra ohunkóhun. Ibi tí ẹrù fúyẹ́ tí ìyára sì pọ̀ ńkọ́, bí apá ibi tí mọ́tọ̀ ti wọlé nínú gíábọ́ọ̀sì yìí? Bọ́ọ̀lù ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, torí rólà tí ẹrù kò tẹ̀ dáadáa máa ń yọ̀ dípò kó yí, yíyọ̀ náà sì ń ha á.

Ní oṣù tó kọjá ni mo tú ọ́ìlì sílẹ̀. Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀, eruku dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló gbé jáde, kò sí èèpá irin kankan. Nígbà 6308, èèpá tó ń kọ mọ̀nà bí ìpẹ́ ẹja la máa ń bá níbẹ̀ ní oṣù kẹrin.