OpenBSD Lórí Láptọ́ọ̀pù Ògbólógbòó: Díìsìkì Ò Kún, Ó Ní Kò Sáyè

Ó pẹ́ tí mo ti ń lo Ubuntu, ìpín kan ṣoṣo ni mo sì máa ń fi díìsìkì mi ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé eré ni, lọ́jọ́ tí mo gbé OpenBSD sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí díìsìkì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 32. Kò sí àwòrán kankan lójú ẹ̀rọ, ìbéèrè lásán ni. Enter ni mo ń tẹ̀ ṣáá. Ó bi mí bóyá kí òun fúnra òun pín díìsìkì, mo ní kó máa pín in lọ.

Ìpín yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. OpenBSD á gba ojú kan lórí díìsìkì, á wá gé e sí wẹ́wẹ́, lẹ́tà ló sì fi ń pe ègé kọ̀ọ̀kan. Lórí tèmi, `a` ni gbòǹgbò, `b` ni swap, `h` ni /usr/local, `k` ni /home. `c` ní tirẹ̀ dúró fún díìsìkì lódindi, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Firefox wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, LibreOffice náà wọlé. Mo wá ní kí `pkg_add` gbé texlive_texmf-full, àkójọ ńlá tí wọ́n fi ń to ìwé, wá, ó kọ̀ jálẹ̀:

```
Error: /dev/sd0h on /usr/local is not large enough
```

Irọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Àṣé èmi ni mi ò mọ̀. `df -h` fi hàn mí pé /home fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, àmọ́ bíi gígábáìtì mẹ́rin péré ni `h` ní, ibẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí `pkg_add` bá gbé wá ń lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé /usr/src àti /usr/obj ti gba ohun tó lé ní méje, nítorí àwọn tó bá fẹ́ fọwọ́ ara wọn kọ́ ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí lèmi fẹ́ fìyẹn ṣe?

Mo tún un gbé látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìpín, mo tẹ `e`, kí n lè tún èyí tó pín ṣe. Mo fi `d` pa `i` àti `j` rẹ́, ìyẹn /usr/src àti /usr/obj, mo sì fi `R` mú kí `h` tóbi sí i:

```
d i
d j
R h
w
q
```

Bí mo ṣe tẹ `R h`, ó bèèrè bí `h` ṣe máa tóbi tó, mo kọ `11g`. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `p` kí ẹ wo lẹ́tà ègé kọ̀ọ̀kan o, torí lórí ẹ̀rọ tó ń lo EFI, `i` lè jẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń tan, lẹ́tà tó kù á sì sún.

Ẹnì kan ní kí n kúkú da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú `a`. Mi ò gbà. /usr/local nìkan ni wọ́n kọ `wxallowed` sí nínú /etc/fstab, ìyẹn àṣẹ tí àwọn áàpù kan nílò kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ láti ibi ìrántí tí wọ́n tún ń kọ nǹkan sí. Bí mo bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, á di pé mo fún ìpìlẹ̀ ètò náà ní àṣẹ yẹn.

Ohun kan ṣì ń rú mi lójú: `apt` máa ń tún gbogbo nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n níbí `pkg_add -u` ò kan ìpìlẹ̀ ètò rárá. `syspatch` ló ń tọ́jú ìyẹn. Oṣù kan gbáko ni mo fi gbàgbé rẹ̀.