Ẹ ṣọ́ra fáwọn onífọ́tò tó máa ń "fọ ojú" yín nínú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tàbí ti físà láìpẹ́ yìí, ẹ dúró kẹ́ ẹ ka èyí ná. Ojú mi ti rí i, owó mi sì ti bá a lọ.

Onífọ́tò kan ló kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pé fọ́tò tóun bá yà, kò sí ẹ́ńbásì tó máa dá a padà, tí wọ́n bá dá a padà òun á dá owó padà. Mo wọlé, ó yà mí, kò pẹ́ rárá, ló bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní "Àǹtí, ẹ jẹ́ n bá yín tún un ṣe díẹ̀." Díẹ̀ yẹn ló kó bá mi o. Mo ní àpá kan lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré, ó pa á rẹ́. Àmì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi náà, ó lọ. Ó wá fi nǹkan kan nu gbogbo ojú mi títí tó fi ń dán bíi ti bèbí oníke, ó mú àwọ̀ mi mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ, ó tún gé mi kúrò níwájú ògiri, ó lẹ̀ mí mọ́ ara funfun kan báyìí. Kí n má parọ́, nígbà tó fi hàn mí, inú mi dùn, mo rẹwà gan-an.

Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé físà, obìnrin tó wà níbẹ̀ wo fọ́tò, ó wo mi, ó tún wo fọ́tò, ó ní kí n lọ ya òmíì wá, wọ́n ti tún eléyìí ṣe. Mo padà sọ́dọ̀ bàbá onífọ́tò pé kó dá owó mi padà, ó ní òun kọ́ ló dá fọ́tò padà, ẹ́ńbásì ni, kí n lọ bá wọn. Ẹ gbọ́ mi sá!

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tójú mi já rèé. Fọ́tò yìí, ẹ̀rọ ló máa ń fi wé ojú yín, èèyàn á sì tún wò ó. Torí náà àtúnṣe tó bá kan bébà àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ò sábà ní wàhálà, èyí tó bá ti kan ojú gan-an ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ gé etí fọ́tò kó lè bá ìwọ̀n mu, kò burú. Kẹ́ ẹ dín in kù tàbí kẹ́ ẹ mú un tóbi lọ́gbọọgba, kò burú. Tí gbogbo fọ́tò bá ṣókùnkùn díẹ̀ tàbí tó ní àwọ̀ yẹ́lò torí gílóòbù, kẹ́ ẹ mú gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí àwọ̀ yín lè rí bó ṣe rí lójú ayé, ìyẹn náà kì í sábà ní wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pé ojú nìkan ló ń mọ́lẹ̀ tí ọrùn wà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ gbé e jù sílẹ̀.

Pípa àpá rẹ́, pípa àmì rẹ́, mímú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mímú ẹyinjú tóbi, eyín funfun, ká máa nu awọ ara, gbogbo ìyẹn ni wọn ò fẹ́. Amẹ́ríkà sọ ọ́ lójúkorojú pé àwọn ò gba fọ́tò tí wọ́n fi ápù tàbí fíltà yí padà, Gẹ̀ẹ́sì náà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní ṣé kí n fi irorẹ́ tó yọ sí mi lójú láàárọ̀ yìí sílẹ̀ ni? Ẹ fi sílẹ̀ jọ̀ọ́, irorẹ́ ò lè dá físà dúró. Tójú yín bá ń dán torí òróró, páódà ni kẹ́ ẹ fi nù ún kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tẹ́ ẹ yà á tán.

Ti ara ẹ̀yìn yẹn ló máa ń tan èèyàn jù, torí wọ́n á ní ojú yín kọ́ làwọn fọwọ́ kàn, ògiri ni. Irọ́ ni. Ẹ mú fọ́tò yẹn, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kó tóbi dáadáa, ẹ wo etí, ẹ wo irun, ẹ wo èjìká. Nínú tèmi, òkè etí ọ̀tún ti lọ díẹ̀ bíi pé eku jẹ ẹ́, irun mi rí bíi fìlà tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé, kò sí fọ́nrán kan tó yọ síta, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí èjìká mi ká. Ohun tí obìnrin yẹn rí nìyẹn. Tí òjìji bá wà lára ògiri, ẹ má pa á rẹ́, ẹ kúrò lára ògiri ni, bíi mítà kan, kẹ́ ẹ kọjú sí fèrèsé, òjìji á lọ fúnra ẹ̀.

Ìwà kejì tí bàbá yẹn hù burú ju èyí lọ, mi ò sì tètè rí i. Fọ́tò Amẹ́ríkà, 51 mm sí 51 mm ni, ọgbọọgba. Ti ilẹ̀ Yúróòpù, 35 mm sí 45 mm. Mo ní kó bá mi ṣe méjèèjì, dípò kó tún fọ́tò àkọ́kọ́ gé, ṣe ló mú ti ọgbọọgba, ó fún un láti ẹ̀gbẹ́ kó lè wọ inú 35. Ẹ ṣírò ẹ̀: ohun tó yẹ kó fẹ̀ tó 45 di 35, ìyẹn ni pé ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ojú mi lọ tó ti lọ. Mo di ẹni olójú gígùn bí ẹṣin. Ẹ̀rọ tó ń wọn àlàfo ojú sí ojú ò lè gbà pé èmi nìyẹn láé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fi méjèèjì síra, tí ọ̀kan bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìkejì lọ, wọ́n ti fún un nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń forúkọ sílẹ̀ fún lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà, tiyín le jù. Níbi físà lásán wọ́n lè ní kẹ́ ẹ mú fọ́tò míì wá, ṣùgbọ́n lọ́tìrì, ìlànà wọn sọ pé fọ́tò tí wọ́n bá ti tún ṣe lè mú kí wọ́n yọ yín kúrò pátápátá. Ẹ má gbàgbé pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni wọn ò ti gba ìgò ojú nínú fọ́tò físà wọn, torí náà kẹ́nikẹ́ni má fi kọ̀ǹpútà yọ ìgò lójú yín, ẹ bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó yà á.

Ní báyìí, kí n tó sanwó fún onífọ́tò, mo máa ń bèèrè pé ṣé á fún mi ní fáìlì àkọ́kọ́ tí ò tíì fọwọ́ kàn. Tó bá ní kò sóhun tó jọ ọ́, mo ti jáde. Àwọn ẹ̀rọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ "ó ti kọjá" sí yín náà, ìwọ̀n àti ibi tí orí wà lọ̀pọ̀ wọn ń wò, wọn ò mọ̀ bóyá àpá ti lọ.

Àbúrò mi ló padà yà mí níwájú fèrèsé. Ó dúró sí bíi mítà kan àtààbọ̀, torí téèyàn bá gbé fóònù sún mọ́ ojú jù, imú á wú. A pa bíútì inú kámẹ́rà fóònù, èyí tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó máa ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, a gé etí fọ́tò, ó tán. Wọ́n gbà á lọ́jọ́ kan náà, àpá mi jókòó síbẹ̀ gbọin.