Wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù náà ní aláàbò: ohun tí ojú mi rí lórí áàpù ẹ̀kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì kan

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló mú mi kọ èyí. Ó jáde lójú fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé: "Alátakò kò lè jẹ bíṣọ́ọ̀bù yìí nítorí pé ó ní aláàbò." Irọ́ gbuu! Mò ń san ₦12,000 lóṣù fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní ìkọlù ìṣípayá, tí ẹyọ kan ń yẹra kí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè kọlu, àti ṣẹ́ẹ̀kì méjì, tí ẹyọ méjì ń kọlu ọba lẹ́ẹ̀kan náà, orí ṣẹ́ẹ̀kì méjì gan-an ni wọ́n sì ti ń parọ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹyọ náà sílẹ̀ kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Eré tí Réti bá Tartakower ta ní Vienna lọ́dún 1910 ni:

```
1.e4 c6 2.d4 d5 3.Nc3 dxe4 4.Nxe4 Nf6 5.Qd3 e5
6.dxe5 Qa5+ 7.Bd2 Qxe5 8.O-O-O Nxe4
9.Qd8+ Kxd8 10.Bg5+ Kc7 11.Bd8#
```

Réti fi ayaba rẹ̀ tọrẹ ní d8, ọba dúdú sì jẹ ẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù funfun wá kúrò ní d2, ó bọ́ sí g5. Òun fúnra rẹ̀ ń fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì, rúùkù d1 tó ti dí lójú tẹ́lẹ̀ náà sì ríran wàyí, ó ń fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀. Ẹ wá wo g5 dáadáa. Kò sí ẹyọ funfun kankan tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ayaba dúdú tó wà ní e5 lè dé ibẹ̀, ẹṣin dúdú tó wà ní e4 náà lè dé ibẹ̀. Aláàbò wo ni wọ́n ń wí? Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ni pé bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ṣẹ́ẹ̀kì rúùkù ṣì wà lọ́rùn ọba. Bí wọ́n bá sì dí rúùkù, ti bíṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀. Àfi kí ọba gbéra. Bó bá lọ sí c7, bíṣọ́ọ̀bù á lọ sí d8 pa á. Bó bá lọ sí e8, rúùkù á lọ sí d8 pa á. Kò sí ibòmíràn.

Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ áàpù yẹn gbọ́ á kọ́kọ́ máa wá aláàbò fún ẹyọ rẹ̀ kó tó gbé e lọ síwájú. Irú ìgbésẹ̀ yìí gan-an ni yóò máa fò dá.

Mo kọ̀wé sí wọn lóru yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ọmọbìnrin kan tó wà ní kọsitọ́mà kíà dáhùn: "Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ áàpù náà kúrò kí ẹ tún un gbé sórí fóònù yín." Mo ní ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló burú, kì í ṣe fóònù mi. Ó ní, "Ṣé dátà yín kò tíì tán, sà?" Mo ya ojú fóònù mi, mo fi pupa yí g5 ká, mo fi ránṣẹ́. Ó ní, "Mo ti rí i, sà. Bíṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀." Ẹ gbà mí o! Mo bèèrè owó mi, ó ní wọn kì í dá owó padà lẹ́yìn ọjọ́ keje. Kí n tó fèsì, wọ́n ti kọ "A ti yanjú rẹ̀" sí ẹ̀sùn mi lára, wọ́n sì ní kí n fún ọmọbìnrin náà ní ìràwọ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kejì nìyí: gbogbo ìbéèrè wọn ló ní àkọlé lórí. Bí ẹ bá ti rí "Ṣẹ́ẹ̀kì méjì" lókè, kí ló kù láti rò? Láàárín eré, nígbà tí ẹyọ bíi ogún ṣì wà lórí pátákó, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé nǹkan wà níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni olùkọ́ wọn pè mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre." A kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí gbólóhùn yẹn ti yí padà lójú fóònù mi. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń pa àkọlé rẹ́ hàn mí, inú ihò kan tí n kò lè dá rí láéláé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rí i láìsí àkọlé.

Ó ní kí n mú ẹyọ tó ń rìn jìnnà lọ́kọ̀ọ̀kan, ayaba, rúùkù, bíṣọ́ọ̀bù, kí n bá ìlà rẹ̀ lọ títí dé etí pátákó bíi pé gíláàsì ni ẹyọ tó bá dí i. Bí ìlà náà bá kan ọba, tàbí ẹyọ tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́, kí n bèèrè pé: ta ló dúró láàárín, ibo ló sì lè lọ tí yóò ti ṣe jàǹbá? Ó ní kí n ṣe ti alátakò náà bẹ́ẹ̀, torí ìlà tirẹ̀ ló ń pani jù.

Eré Torre, ọmọ Mẹ́síkò, pẹ̀lú Lasker ní Moscow lọ́dún 1925 ló fi ṣàlàyé. Ayaba Lasker wà ní b5, ó ń wo ìlà karùn-ún lọ. Bíṣọ́ọ̀bù funfun tó wà ní g5 nìkan ló dí i. Lẹ́yìn rẹ̀, ní h5, ni ayaba Torre wà láìsí ẹni tó ṣọ́ ọ. Ta ni yóò gbé bíṣọ́ọ̀bù yẹn kúrò? Torre gbé e lọ sí f6. Pọ́ọ̀nù g7 kò lè jẹ ẹ́, torí rúùkù funfun tó wà ní g3 ti ń wo ọba g8 gba ẹ̀yìn rẹ̀. Lasker jẹ ayaba náà. Rúùkù jẹ g7, ó fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì, ọba sá sí h8. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí rúùkù bá kúrò ní g7 ni bíṣọ́ọ̀bù ń kọlu ọba láti ẹ̀yìn, ohun tó bá sì wu rúùkù ló ń jẹ: pọ́ọ̀nù f7, padà sí g7, bíṣọ́ọ̀bù b7, padà sí g7. Ọba kò lè sá sí h7 torí rúùkù náà ń ṣọ́ ìlà keje.

Ibi tí mo ti pariwo nìyí: rúùkù wá lọ sí g5, ẹnu pọ́ọ̀nù h6 gan-an, ó ń wo ayaba dúdú. Pọ́ọ̀nù kò lè jẹ ẹ́, torí ọba wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì bíṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ náà ní kí n fara balẹ̀ o. Rúùkù ti kúrò ní ìlà keje, h7 ti ṣí sílẹ̀. Ọba bọ́ síbẹ̀, rúùkù jẹ ayaba, ọba wá sí g6, ó dojú kọ rúùkù àti bíṣọ́ọ̀bù pa pọ̀. Torre gbé rúùkù sá, ọba jẹ bíṣọ́ọ̀bù, rúùkù sì tún jẹ pọ́ọ̀nù h6. Gbogbo ariwo yẹn, pọ́ọ̀nù mẹ́ta péré ló fi ta Lasker yọ. Ó tó láti borí.

Ọ̀nà yìí kò ṣe é lò nínú eré ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Àmọ́ nínú eré gígùn, mo ti ń rí ìlà tí n kò rí tẹ́lẹ̀, pàápàá ti alátakò.

Wọn kò tíì dá owó mi padà, àkọlé ṣì wà lórí ìbéèrè fún ẹni tí kò bá mọ ihò yẹn, ọmọbìnrin náà sì tún ti kọ̀wé pé òun ń retí ìràwọ̀.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti san ti oṣù tó ń bọ̀.