Àgbéyẹ̀wò ápù tí mo fi ń ṣírò ìgbà tí tirélà máa gúnlẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ápù yìí ni pé kì í kàn fi iyára ọkọ̀ pín kìlómítà, kó wá ro wákàtí ìkẹ́rù àti ti ẹnubodè mọ́ ọn. Aago awakọ̀ ló ń ṣọ́, láti ìṣẹ́jú tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́.

Mo dán an wò pẹ̀lú òfin Yúróòpù. Tí awakọ̀ bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45. Wákàtí 9 ló máa ń wà á lóòjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ fi wákàtí 11 sinmi kí wákàtí 24 tó pé. Wákàtí 13 péré ló kù fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ìkẹ́rù àti ìdúró ní bodè wà nínú rẹ̀.

Ìrìnàjò tí mo fún un jẹ́ 540 kìlómítà, ní 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìkẹ́rù bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 àárọ̀, ó parí ní aago 9. Tí kò bá sí ìdúró ní bodè, ọkọ̀ á dé ní 6:45 ìrọ̀lẹ́. Mo wá fi wákàtí 2 sí ẹnubodè tó wà lẹ́yìn wákàtí 5 ìwakọ̀. Ẹni tó bá kàn rò ó pọ̀ á sọ fún oníbàárà pé 8:45 alẹ́ ni. Ápù náà ní rárá, 7:45 àárọ̀ ọjọ́ kejì ni! Òótọ́ ló sọ: ní aago 7 alẹ́, wákàtí 13 ti pé, ìwakọ̀ sì ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45, nítorí náà awakọ̀ á sùn di aago 6. Òfin gbà á láyè láti dín ìsinmi kù sí wákàtí 9 lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ápù náà máa ń béèrè bóyá ó ti lò ó tán, èyí sì dára púpọ̀.

Mo tún fi awakọ̀ kejì sí òdìkejì bodè. Pẹ̀lú ìṣẹ́jú 30 fún ìfilé-lọ́wọ́, ọkọ̀ dé ní 9:15 alẹ́. Ibí yìí gan-an ni ápù náà ti kù díẹ̀ káàtó. Ó ń ka aago awakọ̀ kejì láti ìgbà tó gba kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó dé ẹnu iṣẹ́, tó ń retí ọkọ̀, ló yẹ kó máa kà. Tí bodè bá fa wákàtí 9 tàbí 10, awakọ̀ tó ti ń dúró láti ọ̀sán lè máà ní àyè tó láti débi tí ẹrù ń lọ.

Àpótí kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún ìdúró ní bodè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ṣírò rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìdúró tó wọ́pọ̀, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èyí tó burú jù. Tí èsì méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, mo máa ń fún oníbàárà ní wákàtí. Bí wọ́n bá bọ́ sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ kejì ni mo ń sọ. Fún ìkẹ́rù, ìgbà tí ọkọ̀ dé ẹnu géètì ni kí ẹ tẹ̀ sí i, torí àtìgbà tó ti tò sórí ìlà ni aago awakọ̀ ti ń lọ.